Àlhájà wà ní Lágéré, èmi wà ní Iléṣà: báwo ni mo ṣe máa fi fóònù wá ìdí tí kọ̀ǹpútà káńtà kò fi rí nẹ́ẹ́tì?

Ọmọ-Ọ̀wá
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mo to kọ̀ǹpútà káńtà fún Àlhájà kan tó ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀. Láti àná ni kọ̀ǹpútà náà kò ti rí nẹ́ẹ́tì mọ́, bẹ́ẹ̀ fóònù Àlhájà ń wo Fésíbúùkù geere. Mi ò lè kúrò ní Iléṣà títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àlhájà ò sì mọ̀ ju kó tẹ iye ọjà kó sì fa ríṣíìtì yọ lọ. Kí ni kí n máa bi í lórí fóònù tí n ó fi mọ ibi tó ti já?

Ìyá Ìbejì Sábó
Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ọjà tó kọjá! Oníbàárà na káàdì, ẹ̀rọ ń yí, ó ń yí, lẹ́yìn náà ló ní òun kọ̀ ọ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo yọ síìmù inú rẹ̀, mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún, mo dá a padà. Ó ṣiṣẹ́. Ẹ sọ fún Àlhájà kó yọ síìmù.

Ọmọ-Ọ̀wá
Ẹ ṣé mà. Kì í ṣe ẹ̀rọ káàdì ọwọ́ yẹn ni mo ń sọ o. Kọ̀ǹpútà ńlá orí káńtà ni, èyí tó ń ka àmì ara ọjà tó sì ń tẹ ríṣíìtì. Kò ní síìmù. Róútà wà nínú ọ́fíìsì ẹ̀yìn, síìmù wà nínú róútà, wáyà ló wá láti ibẹ̀ dé káńtà.

Ìyá Ìbejì Sábó
Háà, ó yé mi. Àmọ́ ẹ ṣáà yọ ti róútà wò.

Bọ̀dá Nẹ́ẹ́tì
Kò le. Kó pa róútà, kó ka ọgọ́ta, kó tàn án. Bí kò bá gbọ́, lọ síbi DNS kó o fi 8.8.8.8 síbẹ̀. Bí kò bá tún gbọ́, fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà fún kọ̀ǹpútà náà, 192.168 yẹn, parí. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo ń tọ́jú ní Modákẹ́kẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é.

Àgbà Súwíìṣì
Ọmọ-Ọ̀wá, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí Àlhájà pa nǹkan kan ná. Bó bá ti pa róútà, àmì tó o fẹ́ rí lè pa rẹ́. Bó bá wá padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀, o ò ní mọ ohun tó mú un, yóò sì tún ṣe é lọ́jọ́ mìíràn. Pípa àti títàn wà nínú iṣẹ́ náà o, àmọ́ ẹ̀yìn ìbéèrè ló ń wá.

Má fi wásáàpù pè é. Pípè gidi ni kó o pè, kó sì jẹ́ lórí fóònù tọ́ọ̀ṣì bó bá ní ọ̀kan, kí fóònù ńlá lè ṣófo fún àyẹ̀wò àti fọ́tò. Kí ó dúró níwájú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì ẹ̀yìn tó ń fi ìrántí dá ọ lóhùn yóò sọ ohun tó rò pé ó wà níbẹ̀ fún ọ.

Ìbéèrè kìíní: “Àlhájà, kí lẹ fẹ́ ṣe tó kọ̀? Ẹ ka ohun tó kọ sójú fún mi bó ṣe wà.” Oníṣọ̀ọ̀bù kan ti pè mí rí pé kò sí nẹ́ẹ́tì, nígbà tí mo bi í dáadáa, áláàtì owó tí oníbàárà fi ránṣẹ́ ni kò tíì dé orí fóònù rẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Ìkejì, Fésíbúùkù yẹn ò tíì jẹ́rìí sí nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dátà ara fóònù rẹ̀ ló ń jẹ. Ní kó pa dátà fóònù ńlá náà, kó fi wáífáì ṣọ́ọ̀bù nìkan sílẹ̀, kó wá ṣí ojú ìwé tí kò tíì ṣí rí. Bí fóònù kò bá wá rí nǹkan kan mọ́, ọ̀rọ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó kan róútà tàbí dátà inú rẹ̀ tó tán. Bó bá ṣì ṣí, ọ̀nà róútà sí ìta dára nìyẹn, ohun tó já wà láàárín káńtà àti róútà, tàbí nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ìdajì ilé lo ti yẹ̀ wò yẹn láì fọwọ́ kan wáyà kankan.

Ìkẹta ni iná ẹnu wáyà. Lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, níbi tí wáyà wọlé sí, iná kéékèèké méjì sábà máa ń wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ọsàn. Má ṣe bi í pé “Ṣé wáyà wọlé dáadáa?” Gbogbo èèyàn ló máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Sọ pé: “Ẹ fà á yọ mà. Ṣé iná kú? Ó dáa, ẹ tì í padà títí tẹ́ ẹ ó fi gbọ́ tẹ́k.” Bó bá ti ṣe èyí, ó ti yẹ wáyà wò fún ọ láìmọ̀, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀ fún un.

Ìkẹrin, kí ó mú kọ́kọ́rọ́ tó ní àmì fèrèsé lórí mọ́lẹ̀, kí ó tẹ R, kí ó kọ cmd, kí ó tẹ Enter. Ojú dúdú yóò ṣí. Sọ fún un ṣáájú pé yóò dúdú, kí àyà rẹ̀ má bàa já. Lẹ́yìn náà kí ó kọ èyí, gbogbo rẹ̀ papọ̀ láìsí àyè láàárín:

```
ipconfig
```

Kí ó wá ìlà tí IPv4 Address wà nínú rẹ̀, kí ó ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ọ, kí ó sì ka ti Default Gateway. Bí ojú bá ń dùn ún, kí ó fi fóònù ńlá ya á. Mú nọ́ńbà yẹn wá síbí. Òun ni mo fẹ́ rí kí n tó sọ ohun mìíràn.

Bọ̀dá Nẹ́ẹ́tì
Gbogbo èyí fún wáyà kan ṣoṣo? Ọjà ń lọ lọ́wọ́ Àlhájà ẹ̀yin ń ṣe ìwé.

Àgbà Súwíìṣì
Bí o bá mọ̀ ọ́n bi, kò gùn tó kí èèyàn ti Lágéré dé Mọ́remí nínú gòsìlóò. Mo fẹ́ dáhùn ti DNS rẹ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbọ́ nọ́ńbà ná.

Ọmọ-Ọ̀wá
Mo ti pè é. Bó ṣe lọ rèé, mo kọ ọ́ bí mo ṣe rántí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlhájà. Kí ló kọ sójú rẹ̀ mà?”
“Ó ní Offline, ó pọ́n. Ríṣíìtì ń jáde o, àmọ́ ó ní òun ò lè fi ránṣẹ́.”
“Ó dáa mà. Ẹ bá mi pa dátà fóònù ńlá yẹn.”
“Ṣé kò ní jẹ owó mi?”
“Kò jẹ nǹkan kan mà. Ẹ ṣí ojú ìwé tí ẹ ò ṣí rí.”
“Ó ṣí.”
“Ẹ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ẹ fa wáyà nẹ́ẹ́tì yọ. Ṣé iná kú?”
“Ó kú. Mo ti dá a padà, ó ti ń ṣẹ́jú.”

Nígbà tó di ti ipconfig, ó kọ́kọ́ kọ “ip config”, kọ̀ǹpútà sì bú u. A tún un kọ. Fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sí mi, ohun tó wà lójú rẹ̀ rèé:

```
Autoconfiguration IPv4 Address. . : 169.254.83.12
Subnet Mask . . . . . . . . . . . : 255.255.0.0
Default Gateway . . . . . . . . . :
```

Iwájú Default Gateway ṣófo. Iná ẹnu wáyà ń ṣẹ́jú, fóònù ń lo wáífáì kan náà. Ó rú mi lójú.

Bọ̀dá Nẹ́ẹ́tì
Mo sọ! Fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà fún un, 192.168.8.50, kó o fi DNS sí i. Ó parí.

Àgbà Súwíìṣì
Bọ̀dá, òótọ́ wà nínú ohun tó o sọ, àmọ́ kò kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. 169.254 ni nọ́ńbà tí Wíńdò máa ń fún ara rẹ̀ nígbà tó bá béèrè nọ́ńbà lórí wáyà tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Róútà ló yẹ kó dáhùn. Nítorí náà, ìbéèrè kọ̀ǹpútà káńtà kò dé ọ̀dọ̀ róútà, tàbí ó gba ibi tí róútà kì í ti í dáhùn. DNS tó o fẹ́ yí dà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sọ orúkọ di nọ́ńbà. Kọ̀ǹpútà tí kò tíì rí róútà, kí ni yóò fi DNS ṣe? Bó o bá sì fi ọwọ́ kọ 192.168 fún un, nọ́ńbà yóò gún régé lójú, ọ̀nà yóò ṣì dí. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá wá là, róútà lè fún fóònù ẹnì kan ní nọ́ńbà kan náà, àwọn méjèèjì yóò máa já ara wọn.

Ọmọ-Ọ̀wá, bi Àlhájà ní ohun kan: ṣé wáyà káńtà lọ tààrà sínú róútà, àbí àpótí kékeré kan wà láàárín?

Ọmọ-Ọ̀wá
Súwíìṣì oníhò márùn-ún wà lábẹ́ káńtà. Kọ̀ǹpútà wọ inú rẹ̀, wáyà gígùn kan ló ti ibẹ̀ lọ sí róútà ní ọ́fíìsì ẹ̀yìn. Okùn USB ni wọ́n fi so púríńtà ríṣíìtì mọ́ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

Àgbà Súwíìṣì
Ìyẹn ló fi jẹ́ pé iná ń ṣẹ́jú tí nẹ́ẹ́tì kò sí. Iná ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ń jẹ́rìí pé wáyà dé súwíìṣì lábẹ́ káńtà. Kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn súwíìṣì. Ríṣíìtì ń jáde nítorí pé ara kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni púríńtà wà, kò gba ọ̀nà nẹ́ẹ́tì. Ibi tó kù fún wa ni wáyà gígùn náà àti ẹnu rẹ̀ méjèèjì.

Kí Àlhájà rán ẹnì kan lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀yìn pẹ̀lú fóònù, kó ya ẹ̀yìn róútà ní fọ́tò kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Fọ́tò ṣáájú o. Bó bá ti fà á yọ, kò sẹ́ni tó máa rántí ihò tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà bi í bóyá ẹnikẹ́ni gbálẹ̀ síbẹ̀, tàbí gbé tábìlì, tàbí so nǹkan tuntun mọ́ iná.

Ọmọ-Ọ̀wá
Ẹ̀yin àgbà, mo ti rí fọ́tò. Ihò mẹ́rin ló wà lẹ́yìn róútà, mẹ́ta jẹ́ yẹ́lò, ọ̀kan jẹ́ búlúù. Wáyà wà nínú búlúù. WAN ni wọ́n kọ sórí rẹ̀.

Mo bi Àlhájà, ó ní ọmọbìnrin tó ń bá òun tọ́jú ọjà ló gbé róútà lánàá láti nu eruku abẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ní òun dá gbogbo rẹ̀ padà sí ibi tó wà. Àwọn méjèèjì wá ń bára wọn jà lórí fóònù.

Àgbà Súwíìṣì
Má dá ọmọ náà lẹ́bi. Ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu, ẹnu wáyà wọ gbogbo wọn, iná sì ń tàn nínú gbogbo wọn. Ihò búlúù yẹn ni róútà fi ń gba nẹ́ẹ́tì láti ìta, fún àwọn tí wáyà ń gbé nẹ́ẹ́tì wá bá. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé, róútà ò ní fún un ní nọ́ńbà. Ti Àlhájà, síìmù ló ń gbé nẹ́ẹ́tì wọlé, nítorí náà kí ihò yẹn ṣófo.

Kí ó mú wáyà lọ sí èyíkéyìí nínú yẹ́lò, kó gbọ́ tẹ́k. Kí ó padà sí káńtà, kí ó fa wáyà ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà yọ, kí ó ka mẹ́wàá, kí ó dá a padà, kí kọ̀ǹpútà lè tún béèrè nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ipconfig lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí nọ́ńbà bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, mú nọ́ńbà Default Gateway, kí o ní kí ó kọ ìlà mẹ́ta yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ti Àlhájà kì í bá ṣe 192.168.8.1, èyí tó bá kà fún ọ ni kó fi rọ́pò:

```
ping 192.168.8.1
ping 8.8.8.8
ping google.com
```

Àyè kan wà lẹ́yìn ping, dọ́ọ̀tì ló wà láàárín nọ́ńbà. Pe é ní “dọ́ọ̀tì, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́mà”, nítorí wọ́n sábà máa ń tẹ kọ́mà. Ìlà kìíní ń bi róútà, ìkejì ń bi ayé ìta, ìkẹta ń bi bóyá orúkọ ń di nọ́ńbà. Èyí tó bá kọ́kọ́ kọ̀, ibẹ̀ ni kó o dúró sí. Bí ìkẹta nìkan ló bá kọ̀, tó ní could not find host, ìgbà yẹn ni DNS Bọ̀dá Nẹ́ẹ́tì wúlò gan-an.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Àlhájà lè sọ fún ọ pé “ó kọ Reply” kí inú rẹ dùn. Ní kó ka ìlà náà tán. Bó bá kọ Destination host unreachable sí ìparí rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà ló sábà máa ń dá ara rẹ̀ lóhùn pé òun ò rí ẹni tí òun ń wá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò tún kọ 0% loss, èyí tó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Reply tó dára ni èyí tí time àti TTL wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ-Ọ̀wá
192.168.8.104! Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dáhùn, TTL wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Offline ti kúrò, gbogbo títà láti àná sì ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlhájà ní kí n kí yín. Ó ní kí n bá òun so ihò búlúù yẹn pa. Mo ní kó fi sẹ́lótéèpù bò ó títí n ó fi dé.

Kẹ́míìsì Ìjẹ̀ṣà
Ẹ kú iṣẹ́. Tèmi kò jọ ti Àlhájà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó. Ilé oògùn ni mo ní nítòsí ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà. Mo ṣe ping mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo kà níbí, gbogbo wọn ló dáhùn, síbẹ̀ sọ́fúwíà owó kọ̀, ojú ìwé èyíkéyìí tí mo bá ṣí ń kọ Your clock is behind. Bí NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ lóru, àárọ̀ ló máa ń ṣe é.

Àgbà Súwíìṣì
Wo déètì ìsàlẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún kọ̀ǹpútà náà. Ọdún wo ló kọ?

Kẹ́míìsì Ìjẹ̀ṣà
Ó kọ 2015!

Àgbà Súwíìṣì
Nẹ́ẹ́tì rẹ kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ń fi hàn kí kọ̀ǹpútà tó gbà á gbọ́ ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Lójú kọ̀ǹpútà tó rò pé 2015 la wà, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀, kò ní gbà á. Ping kì í béèrè ìwé ẹ̀rí, òun ló fi dáhùn. Tún déètì àti aago ṣe báyìí, ìwọ yóò rí i pé yóò ṣí lójú ẹsẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí owó ẹyọ nínú kọ̀ǹpútà ló kú, CR2032 ni wọ́n sábà máa ń kọ sára rẹ̀. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣí i bá ọ pààrọ̀ rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà sì wà ní pípa pátápátá, kí wáyà iná ti kúrò lára rẹ̀. Bí o kò bá pààrọ̀ rẹ̀, ó lè tún ṣe é nígbàkúùgbà tí iná bá kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Yàtọ̀ sí nẹ́ẹ́tì, ríṣíìtì rẹ ń jáde pẹ̀lú déètì èké, ìyẹn ò dára fún ilé oògùn.

Kẹ́míìsì Ìjẹ̀ṣà
Mo ti tún un ṣe, ó ṣí. N ó wá bátìrì náà kálẹ̀ tó ṣú.

Bọ̀dá Nẹ́ẹ́tì
Ó dáa, mo gbà lórí 169. Àmọ́ kí ló dé tí ẹ ò fi AnyDesk wọlé wo kọ̀ǹpútà náà fúnra yín, ká dín ọ̀rọ̀ kù?

Ọmọ-Ọ̀wá
Bọ̀dá, kọ̀ǹpútà tí kò rí nẹ́ẹ́tì, ọ̀nà wo ni AnyDesk yóò gbà?

Bọ̀dá Nẹ́ẹ́tì
Fi okùn ṣájà so fóònù Àlhájà mọ́ kọ̀ǹpútà, kó tan USB tethering. Dátà fóònù yóò bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìwọ wọlé, Àlhájà ń tà.

Àgbà Súwíìṣì
Ìyẹn dára, mo máa ń lò ó náà bí èrò bá kún ṣọ́ọ̀bù. Ohun méjì ni kó o ṣọ́. Kí okùn jẹ́ èyí tó ń gbé dátà, nítorí àwọn okùn olówó pọ́ọ́kú kan ń gbé iná nìkan, kọ̀ǹpútà kò ní rí fóònù rárá. Ìkejì, Wíńdò lè fi dátà Àlhájà fa àtúnṣe ara rẹ̀ wọlé. Kó o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ṣí ojú ìsopọ̀ náà kó o tan Metered connection.

Ìyá Ìbejì Sábó
Dátà mi kọ́! Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló máa rà á.

Ọmọ-Ọ̀wá
Ẹ̀yin àgbà, mo padà wá. Lálẹ́ àná, nígbà tí wọ́n yí láti NẸ́PÀ sí jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà káńtà tún pàdánù nẹ́ẹ́tì, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ló padà fúnra rẹ̀. Wáyà ṣì wà nínú yẹ́lò, Àlhájà ti fi fọ́tò hàn mí.

Àgbà Súwíìṣì
Kí lo so mọ́ ínfátà nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kọ̀ǹpútà, súwíìṣì àti róútà?

Ọmọ-Ọ̀wá
Kọ̀ǹpútà wà lórí ínfátà. Súwíìṣì àti róútà, mi ò rántí.

Àgbà Súwíìṣì
Bó bá jẹ́ róútà ló kú, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn lè jẹ́ àkókò tó fi ń wá síìmù. Bó bá jẹ́ súwíìṣì nìkan, kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ òpó nẹ́ẹ́tì àdúgbò ló kú pẹ̀lú iná, tí kò kàn yín rárá. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá fẹ́ yí iná, kí Àlhájà dúró ti róútà, kí ẹlòmíràn dúró ti súwíìṣì lábẹ́ káńtà, kí kálukú sọ fún ọ bóyá iná tirẹ̀ kú. Kí ó sì wo wáífáì fóònù rẹ̀ ní àkókò kan náà, dátà pípa.

Ọmọ-Ọ̀wá
Ó ní ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tún máa tan jẹnẹrétọ̀. N ó pè é nígbà náà, n ó sì kọ ohun tó bá rí síbí.